Kíkí ní èdè Háúsá: ìdáhùn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́

Ọjà Ṣáṣá ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ra tòmátì àti ata, ibẹ̀ náà ni mo ti ń rí àwọn àgbàlagbà tí kíkí Háúsá ń dà rú mọ́ lẹ́nu. Ẹnìkan á kọ́ "Ina kwana?" láti ilé, á dé iwájú oníṣòwò, á sọ ọ́ geere. Oníṣòwò á rẹ́rìn-ín, á dáhùn, á sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta léra wọn. Ọ̀rọ̀ á pin síbẹ̀. Ẹni yẹn á wo ilẹ̀, á ní, "Èló ni apẹ̀rẹ̀ yìí?" Ìbéèrè ló kọ́, kò kọ́ ìdáhùn.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìdáhùn. Èkínní ni "lafiya". Kò ṣàjèjì sí yín: òun àti àlàáfíà wa, inú èdè Lárúbáwá ni àwọn méjèèjì ti wá. Ẹ fa "la" yẹn díẹ̀, ẹ má gé e kúrú. Bí ẹ bá fẹ́ kó kún dáadáa, ẹ ní "lafiya lau". Òun ni ẹ ó fi dáhùn bí wọ́n bá béèrè bí ẹ ṣe sùn, bí ilé ṣe wà àti bí ìdílé ṣe wà.

Èkejì ni "ba gajiya", ìyẹn ni pé kò sí rírẹ̀. Ìdáhùn "Ina gajiya?" nìyẹn, ìbéèrè tí wọ́n ń bi ẹni tó ti ọ̀nà dé tàbí tó ń ṣiṣẹ́. Ó lè rẹ̀ yín o, ẹ ṣáà sọ pé ba gajiya. Ẹ̀kẹta ni "mun gode Allah", a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, fún ẹni tó béèrè ọjà tàbí iṣẹ́ yín. Kí Krìstẹ́nì má ṣe fòyà rẹ̀, orúkọ tí àwọn Krìstẹ́nì Háúsá náà ń pe Ọlọ́run nìyẹn.

Ẹ má fi òtítọ́ ilé yín dáhùn níbi ìkíni. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, lafiya ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ pé "wọ́n wà" bí wọ́n bá ní "àwọn ọmọ ńkọ́?" Ìgbà tí ìkíni bá parí lẹ lè wá sọ ti ibà.

Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko sí ìdáhùn mẹ́ta yìí kí ẹ tó fọwọ́ kan ìbéèrè kankan.

Ìbéèrè kò le. Láàárọ̀ títí di ọ̀sán gangan, "Ina kwana?" Láti ọ̀sán lọ, "Ina wuni?" Kwana ni sísun mọ́jú, wuni ni kí ènìyàn lo ojúmọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹni tó bá ní "Ina kwana?" ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ń béèrè oorun tó ti tán. Ẹ fi "Yaya gida?" tẹ̀lé e fún ilé, àti "Yaya kasuwa?" fún ọjà. Ó tó.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Nínú Yorùbá, "o" kan náà la fi ń bá ọkùnrin àti obìnrin sọ̀rọ̀. Háúsá ya wọ́n sọ́tọ̀. "Kana lafiya?" ti ọkùnrin ni, "Kina lafiya?" ti obìnrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Ka kwana lafiya?" fún ọkùnrin, "Kin kwana lafiya?" fún obìnrin. Mo mú ọ̀rẹ́ mi kan dání lọ́jọ́ kan, ó dúró síwájú ìyá àgbà kan tó ń ta ata gbígbẹ, ó ní, "Kana lafiya?" Àwọn ọmọkùnrin tó ń di àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Màmá náà kò bínú, ó kàn fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Kina."

Èyí tí ọ̀rẹ́ mi wá fi tún un ṣe ló burú jù. Ó rò pé bí "ẹ" ṣe rí nínú Yorùbá ni yóò rí níbẹ̀, ó ní, "Kuna lafiya?" Màmá wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn la fi "kuna" kí. Ẹ má fi ọ̀wọ̀ wá ọ̀rọ̀ ọlọ́pọ̀. Ẹ pe oyè ẹni náà: Malam tàbí Alhaji fún ọkùnrin, Hajiya fún obìnrin, Baba tàbí Mama fún arúgbó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ẹ má pe baba arúgbó ní "Aboki". Ọ̀rẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti fi pe gbogbo ọkùnrin Háúsá tí a rí, ó sì ń dùn wọ́n. Ẹ má sì na ọwọ́ sí obìnrin tí kò kọ́kọ́ na tirẹ̀.

Àbùjá tèmi ni pé oṣù kan gbáko, kí ẹ má lo gbólóhùn kankan tó ní ka tàbí ki nínú. Ẹ wo àwọn tí mo tò sókè: Ina kwana, Ina wuni, Yaya gida, Yaya kasuwa. Kò sí ọ̀kan tó béèrè bóyá akọ ni tàbí abo lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ fi "sannu" kún un. Pẹ̀lẹ́ ni, ní ti ìkíni àti ní ti ìbánikẹ́dùn, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí "ẹ kú" wa: "sannu da aiki" ni ẹ kú iṣẹ́, "sannu da zuwa" ni ẹ káàbọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni "yauwa, sannu". Ẹ kíyè sí "zuwa" yẹn, ahọ́n wa fẹ́ràn láti sọ ọ́ di "suwa". Ẹ má sì máa dá tiyín hun. Èyí tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu wọn nìkan ni kí ẹ lò.

Bí tèmi ṣe máa ń lọ láàárọ̀ rèé. Èmi ni mo ń bẹ̀rẹ̀:

"Ina kwana, Alhaji?"
"Lafiya lau. Yaya gida?"
"Lafiya."
"Ina gajiya?"
"Ba gajiya. Yaya kasuwa?"
"Mun gode Allah."
"To, madalla."

Ẹ wò ó pé mo ti dáhùn ẹ̀ẹ̀mejì kí n tó bi í ní ìbéèrè kejì. "Madalla" ni pé ó dára; lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ tó dárúkọ tòmátì. Ọ̀pọ̀ wọn gbọ́ Yorùbá dáadáa, wọ́n á sì bọ́ sí i láàárín ìkíni láti ràn yín lọ́wọ́. Ẹ má tẹ̀ lé wọn, ẹ parí rẹ̀ ní Háúsá ná.

Ẹ má ra ìwé. Ẹ bẹ mẹ́gáàdì àdúgbò tàbí oníṣòwò kan kó sọ ìkíni yìí sínú fóònù yín, kó dánu dúró níbi tí ẹ ó ti dáhùn. Ẹ máa dá a lóhùn bí ẹ bá ń fọ abọ́. Rédíò Háúsá dára fún etí, ṣùgbọ́n ìròyìn ni wọ́n ń kà, ẹ kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ "Ina gajiya?" níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ, "Na gode", ẹ ṣé, lẹ́yìn náà "Sai anjima", ó dìgbà díẹ̀ sí i. "Sai gobe" bí ó bá di ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ẹ ó gbọ́ lẹ́yìn ìkíni, tó ti tan ọ̀pọ̀ Yorùbá jẹ. Ẹ dá iye kan, oníṣòwò sì ní, "Albarka." Etí yín á gbọ́ àlùbáríkà, ẹ ó rò pé ó ti gbà, ẹ ó sì na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀. Kò gbà á. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ pé owó yẹn kò tó ni. Ẹ fi díẹ̀ kún un, tàbí kí ẹ sọ "Sai anjima" kí ẹ sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.