Ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá fún ìwé ìgbélùú Kánádà: ọjọ́ wo ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá mẹ́ta tó ń gbé ní Kánádà pé oṣù mélòó ni ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá fi ń ṣiṣẹ́, ẹ lè gbọ́ ìdáhùn mẹ́ta. Ọ̀kan á ní oṣù mẹ́ta, èkejì á ní oṣù mẹ́fà, ẹ̀kẹta á ní ọdún kan. Ohun tó fa ìdàrúdàpọ̀ yìí ni pé a rò pé àwọn ọlọ́pàá tó kọ ìwé náà ló ń pinnu bí yóò ṣe pẹ́ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ yín ló ń pinnu rẹ̀, ní Kánádà, IRCC ni, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbélùú. Òfin méjì ni wọ́n ní fún kíka ọjọ́, ibi tí ẹ ń gbé ló sì máa sọ èyí tó kàn yín.

Ọ̀nà Express Entry ni mo ń sọ níbí, torí òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà dé ibi ìwé ìgbélùú. Ẹni tó bá gba ọ̀nà mìíràn, kó ka ìlànà tó wà fún ọ̀nà tirẹ̀ dáadáa.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń béèrè ìwé rẹ̀. IRCC ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá láti gbogbo orílẹ̀-èdè tí ẹ ti gbé fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ "léraléra" yẹn ṣe kókó. Bí ẹ bá lọ sí ibì kan fún oṣù mẹ́ta lọ́dún kan, tí ẹ tún lọ lo oṣù mẹ́rin níbẹ̀ lọ́dún mìíràn, wọn kì í ro méjèèjì pọ̀. Àkókò tí ẹ kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún kò sí nínú ìṣirò. Wọn kò sì ní kí ẹ mú ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá Kánádà wá, torí wọ́n lè fúnra wọn ṣe ìwádìí nílé.

Ọkọ tàbí aya yín àti ọmọ tó ti pé ọdún méjìdínlógún náà gbọ́dọ̀ ní tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: wọ́n ń béèrè rẹ̀ kódà bí ẹni náà kò bá ní bá yín wá sí Kánádà. Mo ti rí àwọn tó fi ìwé ẹnìkejì wọn sílẹ̀ nítorí pé "òun kò kúkú ń bọ̀", tí fáìlì wọn sì tipa bẹ́ẹ̀ di aláìpé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọjọ́. Òfin kìíní wà fún orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé lọ́wọ́lọ́wọ́, bí kì í bá ṣe Kánádà. Ìwé ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́jọ́ tí ẹ fi ìwé ìgbélùú yín sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ fi í sílẹ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n pè yín pé kí ẹ wá gbé e sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà, tó gba ìwé tirẹ̀ ní ọjọ́ kárùn-ún oṣù kẹwàá ọdún 2024 torí pé ó fẹ́ tètè múra sílẹ̀, tó wá fi ìwé ìgbélùú sílẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù kẹrin ọdún 2025, ìwé yẹn ti kọjá oṣù mẹ́fà. Yóò ní láti gba òmíràn.

Òfin kejì wà fún orílẹ̀-èdè tí ẹ ti gbé rí ṣùgbọ́n tí ẹ kò gbé mọ́. Níbí, wọn kì í ka oṣù mẹ́fà láti ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kó jẹ́ pé lẹ́yìn ìgbà tí ẹ gbé níbẹ̀ kẹ́yìn fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n tó kọ ìwé náà. Ìdí rẹ̀ yéni. Ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí ẹ ṣì wà níbẹ̀ kò lè jẹ́rìí sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ sí ọjọ́ tí ẹ kúrò. Èyí tí wọ́n kọ lẹ́yìn tí ẹ lọ ti bo gbogbo àkókò tí ẹ lò níbẹ̀, kò sì sí ohun tuntun tó lè wọ inú rẹ̀ mọ́, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Òfin kejì yìí ló ń mú ọ̀pọ̀ wa, torí pé àwa tó ti wà ní Kánádà gan-an ló kàn. Ẹ jẹ́ ká wo tọkọtaya kan. Ìyàwó kúrò ní Nàìjíríà lọ sí ìlú Ọba ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 láti lọ kàwé. Ọkọ tẹ̀ lé e ní oṣù kìíní ọdún 2020. Àwọn méjèèjì jọ kó lọ sí Kánádà ní oṣù kẹjọ ọdún 2022. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ọdún 2025, IRCC pè wọ́n láti wá fi ìwé ìgbélùú sílẹ̀. Ọgọ́ta ọjọ́ ni Express Entry ń fúnni, nítorí náà ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ni gbèdéke wọn. Bí wọ́n bá ka ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, Nàìjíríà àti ìlú Ọba ló wà nínú rẹ̀ fún àwọn méjèèjì.

Ìyàwó ní ìwé méjì nínú àpótí. Ti Nàìjíríà jẹ́ ti oṣù keje ọdún 2018, tó gbà nígbà tó ń múra ìrìn àjò. Ti ìlú Ọba jẹ́ ti oṣù kẹfà ọdún 2022, tó sáré gbà kó tó kó ẹrù. Ọkọ náà ní méjì. Ó ránṣẹ́ gba ti Nàìjíríà láti ìlú Ọba ní oṣù kẹta ọdún 2021, ó sì gba ti ìlú Ọba ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, nígbà tó ti dé Kánádà.

Ìwé ọkọ méjèèjì ló bójú mu. Ti ìyàwó méjèèjì kò bójú mu. Ẹ wò ó dáadáa: ìwé Nàìjíríà ti ọkọ ti pé ọdún mẹ́rin, ìwé ìlú Ọba ti ìyàwó kò tíì pé ọdún mẹ́ta, síbẹ̀ ti ọlọ́dún mẹ́rin ni wọ́n máa gbà. Ìyàwó gba tirẹ̀ kó tó kúrò, ọkọ gba tirẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò. Bí ìyàwó bá tilẹ̀ padà sí Nàìjíríà lọ lo oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ọdún 2023, ìyẹn kò yí nǹkan kan padà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọkọ ló padà lọ, tó sì lo oṣù méje níbẹ̀, ìwé rẹ̀ ti ọdún 2021 kò wúlò mọ́ fún iṣẹ́ yìí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kúrò ní orílẹ̀-èdè kan bọ̀ wá sí Kánádà, tí kò sì sí ẹni tó ń béèrè ìwé ibẹ̀ lọ́wọ́ yín lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ má gbà á kí ẹ tó kúrò. Ẹ kúrò ná, kí ẹ wá gbà á láti Kánádà láàárín oṣù díẹ̀, nígbà tí àdírẹ́sì tí ẹ gbé ṣì wà lórí yín, tí àwọn ìwé tó fi hàn pé ẹ gbé níbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́. Tí ẹ kò bá padà lọ gbé níbẹ̀, kò ní bàjẹ́.

Fún ìlú Ọba, iléeṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ACRO ló ń kọ ọ́, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan nípa yín, wọ́n á kọ "No Trace" sí i. Bí ẹ bá rí "No Live Trace", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àkọsílẹ̀ kan wà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tàbí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi í hàn mọ́. Ẹ má ṣe dákẹ́ lórí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ IRCC mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ kọ lẹ́tà tó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹ sì so ìwé kóòtù tàbí ti ọlọ́pàá tó bá wà mọ́ ọn.

Ti Nàìjíríà nílò ìtẹ̀ka. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n ń tẹ̀, ilé ìkó-àkọsílẹ̀ ọ̀daràn ti àwọn ọlọ́pàá ní Alágbọn, Ìkòyí, ní Èkó, ló sì ń rí sí i. Ojú òpó POSSAP tí àwọn ọlọ́pàá ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ìbéèrè ń gbà wọlé báyìí. Ẹni tó wà ní Kánádà lè tẹ̀ka ní àgọ́ ọlọ́pàá tó bá ń ṣe é, tàbí ní iléeṣẹ́ aládàáni tó ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀ka. Ẹ rí i pé ìlà ìka kọ̀ọ̀kan hàn kedere kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí ìtẹ̀ka tí tàdáwà rẹ̀ ṣú ju bó ṣe yẹ lè mú kí wọ́n dá a padà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan á sì ti lọ. Orúkọ tó wà lórí ìwé náà gbọ́dọ̀ bá ti pásípọ́ọ̀tù mu. Ìyá tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ nínú pásípọ́ọ̀tù, tó sì jẹ́ orúkọ bàbá nígbà tó gbé ní ìlú mìíràn, kó sọ orúkọ méjèèjì nígbà tó ń béèrè.

Ẹni tó bá ní òun á bá yín gba ti Nàìjíríà láìsí ìtẹ̀ka, ayédèrú ló fẹ́ tà fún yín. Bí IRCC bá rí ayédèrú nínú fáìlì, irọ́ ni wọ́n kà á sí, òfin sì sọ pé ẹni náà kò ní lè wọ Kánádà tàbí béèrè ìwé ìgbélùú fún ọdún márùn-ún. Kì í ṣe ẹni tó tà á ni ìyà yẹn ń jẹ.

Ìyàwó tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ní ọgọ́ta ọjọ́ láti gba ìwé méjì tuntun. Kó béèrè méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà tí wọ́n pè é, kó sì tọ́jú rìsíìtì àti gbogbo ìwé tó fi ọjọ́ ìbéèrè hàn. Bí ọ̀kan kò bá tíì dé nígbà tí gbèdéke ku díẹ̀, kó gbé rìsíìtì náà sókè síbi tí ìwé ẹ̀rí yẹ kó wà, pẹ̀lú lẹ́tà tó sọ ọjọ́ tó béèrè, ibi tó ti béèrè àti ìdí tí kò fi tíì dé. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ fáìlì wò ló máa pinnu bóyá ìsapá yẹn tó. Àmọ́ àyè tó ṣófo, tí kò ní ìwé kankan nínú, wọ́n lè torí rẹ̀ dá gbogbo rẹ̀ padà.

Nígbà tí ẹ bá ti fi ìwé sílẹ̀, oṣù tó ń kọjá kò mú kí ìwé ẹ̀rí yín di ògbólógbòó. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ lè béèrè òmíràn bí iṣẹ́ bá pẹ́, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó ṣì ń gbé ní òkèèrè. Bí lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé, ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni gbèdéke. Bí ẹ bá mọ̀ pé kò ní tó, ẹ kọ̀wé sí wọn kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹ sì fi rìsíìtì ìbéèrè tuntun ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.