Bí a ṣe ń ṣe káàdì ìbéèrè lórí ìdínkù iye dúkìá láti inú síláìdì

Ẹ gé páálí sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Bí kò bá sí páálí, ẹ ká bébà sí méjì. Bírò ni kí ẹ fi kọ ọ́, ẹ má lo máákà, torí ìdáhùn ẹ̀yìn á hàn síwájú. Ìbéèrè kan péré ló gbọ́dọ̀ wà lórí káàdì kan. Ẹni tó bá da síláìdì odindi kọ sórí káàdì ti ṣe ìwé kékeré nìyẹn.

Káàdì ìtumọ̀ ò le. Ẹ kọ mẹ́ta: iye tí a rà á, iye ìgbẹ̀yìn (ohun tí a rò pé a ó rí tà á lópin ìlò), àti iye tó kù nínú ìwé. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo fún ọ̀nà méjèèjì: a rà á ní 80,000, iye ìgbẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 5,000, a ó lò ó fún ọdún 4.

Ọ̀nà ìdọ́gba, tí ìdínkù ọdọọdún kì í yí padà:

(80,000 − 5,000) ÷ 4 = 18,750

Ọ̀nà àṣẹ́kù ló ń da àwọn èèyàn láàmú. 50% iye tó kù là ń yọ lọ́dọọdún:

Ọdún 1: 80,000 × 50% = 40,000; ó ku 40,000
Ọdún 2: 40,000 × 50% = 20,000; ó ku 20,000
Ọdún 3: 20,000 × 50% = 10,000; ó ku 10,000
Ọdún 4: 10,000 × 50% = 5,000; ó ku 5,000

Ẹ wò ó dáadáa: a ò yọ 5,000 kúrò kí a tó bẹ̀rẹ̀. Inú 50% yẹn ló ti wà, torí òun la fi ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ọ̀nà ìdọ́gba ti mọ́ lára á kọ́kọ́ yọ ọ́, á sì kọ 37,500 fún ọdún 1. Bó bá ṣe é bẹ́ẹ̀ dé òpin, 9,687.50 ni yóò kù dípò 5,000. Ẹlòmíràn á máa yọ 50% nínú 80,000 ní gbogbo ìgbà. Ní ọdún 2, ẹ̀rọ náà ti di òfo.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ń yọ iye ìgbẹ̀yìn kúrò níwájú káàdì àṣẹ́kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò fi ṣe ìṣirò ọdọọdún. Bí ẹ bá yọ ọ́, káàdì ti tú àṣírí fún yín, ọjọ́ ìdánwò ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a pàdé. Lẹ́yìn káàdì, ẹ kọ ìlà ìṣirò, kì í ṣe ìdáhùn nìkan, kí ẹ lè rí ibi tí ẹ ti yà kúrò lọ́nà.

Ọdún 1 àti ọdún 3 ni kí ẹ béèrè lórí káàdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún 1 ń mú ẹni tó yọ iye ìgbẹ̀yìn. Ọdún 3 ń mú ẹni tó gbàgbé pé iye tó kù ti dínkù. Kí ẹ tó máa fi kọ́ra, ẹ pò wọ́n mọ́ káàdì ọ̀nà ìdọ́gba.