Òróró tí kò ní kọlẹ́sítẹ́róòlù náà lè gbé e sókè

Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ kí "kò ní kọlẹ́sítẹ́róòlù" tí wọ́n kọ sára ike òróró tàn yín. Irọ́ kọ́, àmọ́ kò sí òróró ewéko tó ní in débi tí a ó fi kà á sí. Ọ̀rá tó máa ń dì nígbà òtútù ni kí ẹ ṣọ́. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ kó LDL, kọlẹ́sítẹ́róòlù tó ń dí iṣan, kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ.

Síbí ìjẹun kan epo pupa ní bíi gíráàmù 7 ọ̀rá yìí. Ti òróró ẹ̀pà jẹ́ bíi 2 àbọ̀. Ká ní síbí epo pupa 8 wọ ọbẹ̀ ẹni 4: gíráàmù 14 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000 lójúmọ́ kò sì gbọ́dọ̀ kọjá bíi 22, ẹran àti wàrà ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ fi síbí 2 epo pupa àti 2 òróró ẹ̀pà se ọbẹ̀ kan náà, yóò bọ́ sí bíi 5. Síbí ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n o. Ojú kì í mọ ìwọ̀n òróró tó ń ṣàn látinú ike.

Dídáná sí epo pupa títí tó fi funfun kò yọ ọ̀rá náà. Àwọ̀ rẹ̀ àti fítámì inú rẹ̀ nìkan ló ń jó dànù. Òróró àgbọn tí àwọn kan ń sá lọ bá? Síbí kan lé ní gíráàmù 11.