Bí mo ṣe fi 0110 yẹ ẹ̀rọ mi wò kí n tó dá ìwé ìdánwò padà

Ìbéèrè tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ yìí wà nínú ìdánwò kọ̀ǹpútà wa ní ọdún kẹta yunifásítì. Wọ́n ní kí a ya ẹ̀rọ onípò kan. Ẹni tí kò bá mọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, orí ìwé nìkan ló ń gbé: ó ń ka dígíìtì lọ́kọ̀ọ̀kan láti òsì sí ọ̀tún, dígíìtì kọ̀ọ̀kan sì ń gbé e láti ipò kan bọ́ sí òmíràn. Kò ní ìrántí mìíràn ju ipò tó wà lọ. Bí dígíìtì bá tán tó bá ara rẹ̀ ní ipò tí a fi òrùka méjì yí ká, ó ti gba ohun tí a fún un nìyẹn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó kọ̀ ọ́.

Ohun tí apá kìíní ìbéèrè náà béèrè kò ju báyìí lọ. Kí ẹ̀rọ náà gba gbogbo nọ́ńbà bínárì tí 3 lè pín láìṣẹ́kù. Kó má gba nọ́ńbà tí 0 bá ṣíwájú rẹ̀, àmọ́ kó gba 0 tó bá dá dúró. Kí ipò kọ̀ọ̀kan ní ọfà kan ṣoṣo fún 0 àti ọfà kan ṣoṣo fún 1. Kí a ya àwòrán rẹ̀, kí a sì kọ àtẹ rẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá jókòó sí kíláàsì náà ló mọ ẹ̀rọ onípò mẹ́ta tó ń yẹ pípín sí 3 wò. Ipò kọ̀ọ̀kan dúró fún àṣẹ́kù kan: A0 fún 0, A1 fún 1, A2 fún 2. Bí a bá ti fi dígíìtì tuntun kún ẹ̀yìn nọ́ńbà bínárì, nọ́ńbà tó wà tẹ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì, dígíìtì yẹn sì wọlé kún un. Nítorí náà, bí àṣẹ́kù bá jẹ́ r tí dígíìtì tó dé sì jẹ́ d, àṣẹ́kù tuntun ni ohun tó kù nígbà tí a bá fi 3 pín 2r + d. Ibẹ̀ ni gbogbo ọfà ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kíláàsì yẹn kò bìkítà fún 0 tó ṣíwájú, ipò àṣẹ́kù 0 ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo wá fi ipò mẹ́ta mìíràn kún un: B fún ìbẹ̀rẹ̀, Z fún 0 tó dá dúró, àti P, pańpẹ́ tí ohun tó bá já sínú rẹ̀ kò lè jáde mọ́. Àtẹ tí mo kọ nìyí, ìràwọ̀ sì ń tọ́ka sí ipò tó ń gbà:

```
       0    1
B      Z    A1
Z*     P    P
A0*    A0   A1
A1     A2   A0
A2     A1   A2
P      P    P
```

Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọn yóò fi gba pépà. Àwọn kan ti ń dìde. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo fi ìwé ìbéèrè bo àwòrán mi mọ́lẹ̀. Bí ojú ẹni bá ti wà lára àwòrán, ọfà tí a fi ọwọ́ ara wa yà ni a ó máa tẹ̀ lé, a ó sì gbà pé ibi tó bá gbé wa dé ló yẹ ká dé. Ìbéèrè ni mo tún kà, mo fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó lè gba máàkì tàbí pàdánù rẹ̀, mo sì kọ ọ̀wọ́ dígíìtì díẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé pẹ̀lú ìdáhùn tó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú wá. Ìdáhùn yẹn ti wà nílẹ̀ kí n tó ṣí àwòrán padà.

Láti inú gbólóhùn tó sọ nípa 0 ni ọ̀wọ́ tó le jù ti wá. “0” fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé. “00” gbọ́dọ̀ dúró síta. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo nílò ọ̀wọ́ kan tí 0 ṣíwájú rẹ̀ tí dígíìtì mìíràn sì tẹ̀ lé e, ibí yìí ló sì yẹ kéèyàn fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni yóò kọ “01”, nítorí òun ló kúrú jù. Àmọ́ 1 ni iye “01”, 3 kò sì lè pín 1 láìṣẹ́kù. Ẹ̀rọ tí kò mọ nǹkan kan nípa 0 tó ṣíwájú yóò ṣì kọ̀ ọ́, nítorí àṣẹ́kù rẹ̀ nìkan. Irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ ń dáhùn “bẹ́ẹ̀ kọ́” lẹ́nu ẹ̀rọ tó dára àti lẹ́nu ẹ̀rọ tí kò dára, kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí mo ń wá ni ọ̀wọ́ tó jẹ́ pé 0 iwájú yẹn nìkan ni ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn rẹ̀. “0110” ṣe é: 6 ni iye rẹ̀, 3 pín in dáadáa, kò sì sí ìdí mìíràn tó fi yẹ ká kọ̀ ọ́.

Mo ṣí àwòrán, mo sì fi ìka tọ ọ̀nà rẹ̀. Láti B, 0 gbé mi dé Z. Láti Z, 1 gbé mi dé P. Mo dúró ní P fún 1 tó kù àti 0 tó kẹ́yìn. P kò ní òrùka méjì, nítorí náà ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, bó ṣe wà nínú ohun tí mo ti kọ sílẹ̀. “00” náà parí sí P. “0” parí sí Z, Z sì ní òrùka méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi lo àkókò tó bẹ́ẹ̀ lórí Z. Z àti A0 jọra lójú: méjèèjì ń gbà, àṣẹ́kù méjèèjì jẹ́ 0. Bí èèyàn bá ń wá ẹ̀rọ tó kéré, ó máa ń wù ú láti pa wọ́n pọ̀ kí ipò di márùn-ún, kódà P gan-an kò ní wúlò mọ́ nígbà náà. Bí a bá pa wọ́n pọ̀, “0” yóò wọlé, “11” yóò wọlé, “110” yóò wọlé, gbogbo rẹ̀ yóò dà bí ẹni pé ó ṣe déédéé. “00” àti “0110” nìkan ni yóò tú àṣírí rẹ̀, nítorí láti A0 èèyàn ṣì lè tẹ̀ síwájú, àmọ́ láti Z kò sí ibi tó kù láti lọ. Mo tún wo ipò tó kù ní méjì méjì lọ́nà kan náà, mo ń wá ọ̀wọ́ tí ọ̀kan yóò gbà tí èkejì yóò kọ̀. Gbogbo wọn ni mo rí i fún, nítorí náà ipò mẹ́fà ò pọ̀ jù.

Apá tó kàn ni àwọn nọ́ńbà gidi. Mo mú mẹ́ta: 1111, 1001 àti 10101, ìyẹn 15, 9 àti 21. Mo fẹ́ràn ọ̀wọ́ gígùn díẹ̀ nítorí pé gbogbo ibi tí mo bá dúró sí lójú ọ̀nà jẹ́ ìdánwò kan fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe ń ka 10101, mo ti kọjá lára 1, 10, 101 àti 1010, ìyẹn 1, 2, 5 àti 10, mo sì rí i pé A1, A2, A2 àti A1 ni mo ń dúró sí, kò sí ọ̀kan tó ń gbà nínú wọn. Dígíìtì tó kẹ́yìn ló gbé mi wọ A0. Àwọn ibi ìkọ̀sílẹ̀ yìí ṣe pàtàkì bí ibi ìgbàwọlé, nítorí ẹ̀rọ tó ń gba ohun gbogbo yóò yege bí nọ́ńbà tó yẹ kó wọlé nìkan la bá fi dán an wò.

Mo ń sàmì sí ọfà tí mo bá ti gbà kọjá. Ipò mẹ́fà, ọfà méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìlá ló yẹ kó wà. 1001 gba ọfà 0 láti A2 padà sí A1. 10101 gba ọfà 1 tí A2 fi ń yí padà sórí ara rẹ̀. 1111 gba ọfà láti A0 lọ sí A1. 0110 nìkan gba ọfà méjèèjì tó wà lórí P. Ẹyọ kan tó ṣẹ́kù ni 0 tí A0 fi ń yí padà sórí ara rẹ̀, mo sì fi 110 kà á. Bí mo ṣe ń lọ lójú àwòrán ni mo ń fi ìka kejì wo àtẹ, nítorí àwọn tó ń máàkì máa ń fi ọ̀kan yẹ èkejì wò.

Ohun kan ni ìbéèrè kò sọ rárá. Ká ní a kò fún ẹ̀rọ ní dígíìtì kankan, ìyẹn ọ̀wọ́ òfìfo tí a máa ń fi ε dúró fún, ńkọ́? Ẹ̀rọ mi wà ní B nígbà yẹn, B kò sì ní òrùka méjì, nítorí náà ó kọ̀. Ẹ̀rọ kíláàsì ìbá gbà, torí pé A0 ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Èmi gbà pé ohun tí kò ní dígíìtì kan kì í ṣe nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn lè rò ó lọ́nà mìíràn, èrò ọkàn mi kò sì lè bá ẹni tó ń máàkì sọ̀rọ̀. Mo kọ gbólóhùn kan sí abẹ́ àwòrán: “Mo gbà pé nọ́ńbà gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán dígíìtì kan, nítorí náà ẹ̀rọ yìí kọ ε.” Ìlà kan péré ni.

Ọ̀wọ́ díẹ̀ yìí kò fi hàn pé ẹ̀rọ náà tọ̀nà fún gbogbo nọ́ńbà láyé. Ìṣirò 2r + d ló ń jẹ́rìí ìyẹn, mo sì ti fi í yẹ ọfà mẹ́fà tó wà láàárín A0, A1 àti A2 wò nígbà tí mo ń yà wọ́n. Iṣẹ́ tí ọ̀wọ́ wọ̀nyí ń ṣe ni láti mú ibi tí ìṣirò kò dé: ìbẹ̀rẹ̀, òdo, òfìfo, àti ọfà tí ọwọ́ yà sí ibi tí ọpọlọ kò sọ.

Apá kejì ìbéèrè náà ní kí a kọ ohun kan náà ní àgbékalẹ̀, kò sì gbà mí lákòókò púpọ̀ nítorí ọ̀wọ́ mi ti wà nílẹ̀. Nínú àgbékalẹ̀ bẹ́ẹ̀, | túmọ̀ sí “tàbí”, * sì túmọ̀ sí pé ohun tó wà níwájú rẹ̀ lè wáyé lọ́pọ̀ ìgbà tàbí kó má wáyé rárá. Èyí tí a máa ń rí nínú àkọsílẹ̀ kíláàsì ni ti òkè; tèmi ni ti ìsàlẹ̀:

```
(0|1(01*0)*1)*
0|1(01*0)*1(0|1(01*0)*1)*
```

Ti òkè gba ε, ó gba 00, ó sì gba 0110. Tèmi kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún 1001, 1 ṣíwájú, 00 bọ́ sínú àkámọ́ (01*0), 1 sì parí rẹ̀. Fún 10101, 010 ló bọ́ síbẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà ìdánwò mi sí ojú ìwé àfikún, mo so wọ́n pọ̀, mo sì gbé wọn lọ bá olùṣọ́ ìdánwò.