Má tan mọ́tò ẹ̀rọ fáìlìn láìsí gíà nínú rẹ̀

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ fáìlìn ṣe nìyí: wọ́n á wé kọ́ílì tuntun sí àmáṣọ̀, ìyẹn apá tó ń yí nínú mọ́tò, wọn ò ní tíì dá gíà ńlá tó ń yí díìsì padà, wọ́n á ti kì í bọ iná láti wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Èmi náà ti ṣe é rí. Ó kọ́kọ́ ń kùn bíi fáànù, ó di hùn-ún, ó di fíìí, ohùn rẹ̀ ń ga ṣáá. Kí n tó fa púlọ́ọ̀gì yọ, ọ̀kan nínú àwọn bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí káábọ́ọ̀nù ń fara kàn ti ta jáde. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ṣòfò.

Nínú mọ́tò yìí, iná kan náà ló ń gba kọ́ílì ara, èyí tó dúró sójú kan, kọjá, tó sì ń gba káábọ́ọ̀nù wọ àmáṣọ̀. Bí àmáṣọ̀ ṣe ń yí, òun fúnra rẹ̀ ń pèsè fóòtì tó ń ta ko iná tó ń wọlé, ó sì máa sáré títí èyí tó ń pèsè á fi sún mọ́ fóòtì tó ń wọlé. Tí kò bá wá rí ohun tó ń ṣe, iná díẹ̀ ló ń fà. Iná díẹ̀, òòfà kọ́ílì ara á rọ. Òòfà tó rọ, àfi kí àmáṣọ̀ tún sáré sí i kí fóòtì rẹ̀ tó pé. Bó ti ń sáré, iná tún ń dín kù. Gíà àti fáànù ara rẹ̀ ni ìjánu tó ní.

Tí o bá fẹ́ dán an wò, jẹ́ kí iná gba inú gílóòbù 200 wáàtì kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, irú gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná. Á yí jẹ́jẹ́. Tí gílóòbù bá tàn yòò tí àmáṣọ̀ ò sì mira, kọ́ílì lè ti kanra.

Eré yìí náà la ṣe ń lò ó fún irinṣẹ́ ọwọ́. Mọ́tò aláìní-káábọ́ọ̀nù tí a bá kì bọ iná ilé tààrà kò lè kọjá ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ tóbi kó tó lágbára. Eléyìí kéré, ó ń sáré ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, gíà á wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí bíi 11,000 níbi díìsì. Tí díìsì bá sì gé irin mọ́lẹ̀, eré dín, iná pọ̀, òòfà àti àmáṣọ̀ jọ le sí i.

Àwọn wẹ́dà kan máa ń yọ ìbòrí, wọ́n á fi díìsì 180 mílímítà sí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ṣe fún 115. Ẹ ṣírò rẹ̀: ní 11,000, etí díìsì 115 ń rin mítà 66 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti 180 á tó 104. Ẹ wo ara díìsì yẹn, “80 m/s” ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé kò gbọ́dọ̀ kọjá mítà 80 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kó tó kan irin ló sì ń sáré jù, ní kété tí o bá tan án tó wà lọ́wọ́ rẹ lófìfo.