Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ìdánwò ewéko inú omi àti ọ́ksíjìn tó ń tú jáde lára rẹ̀

Ìdánwò tí a fi ń fi hàn pé ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ kò le. Ẹ gé ewéko inú omi bíi ẹlódíà tàbí hídírílà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7, ẹ dorí rẹ̀ kodò sínú ìgò omi kí ojú ibi tí ẹ gé wà lókè, ẹ tan iná sí i, kí ẹ sì ka ẹyọ afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lójú gígé náà ní ìṣẹ́jú kan. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í yéé náwó sí ohun tí kò yẹ, wọn kì í sì í yéé ka ohun tí kì í ṣe ọ́ksíjìn ewé mọ́ ọn.

1. Gílóòbù ńlá tó ń gbóná. Wọ́n á lọ ra èyí tó lágbára jù, wọ́n á gbé e sún mọ́ ìgò, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, inú wọn á dùn. Ẹ jọ̀ọ́, afẹ́fẹ́ ti yòrò sínú omi tútù kí ẹ tó fi ewé sí i rárá. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè di afẹ́fẹ́ yẹn mú mọ́, á sì yọ sí ara ìgò àti sí ara ewé. Èyí tó ti inú ewé wá máa ń tò tẹ̀lé ara wọn láti ojú gígé. Èyí tí ooru lé jáde máa ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ibi tó bá rí. Ẹ pa iná náà wò: ti ewé á dín kù láìpẹ́, àmọ́ èyí tí ooru fà á ṣì máa yọ níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì gbóná. Gílóòbù LED kékeré tó mọ́lẹ̀ dáadáa tó iṣẹ́ yìí. Bó bá jẹ́ gílóòbù àtijọ́ nìkan lẹ ní, ẹ gbé ìgò fẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó kún fún omi sí àárín òun àti ewéko kó lè gba ooru náà sára.

2. Omi tí a ti sè. Kò ní kábọ́n-dàyọ́ksáídì nínú mọ́, ewé kò ní ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ po béékìn sódà (NaHCO₃) gíráàmù 1 mọ́ ìlàjì lítà omi, kó lè pèsè kábọ́n-dàyọ́ksáídì fún ewé.

3. Èyí tó ń bí mi nínú jù ló kàn. Wọ́n á fi ewé sínú omi sísè, wọ́n á rí i pé afẹ́fẹ́ kò yọ. Wọ́n á po sódà sí i, afẹ́fẹ́ á yọ. Kíá, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara kábọ́n-dàyọ́ksáídì ni ọ́ksíjìn ti jáde. Irọ́ ni! Ara omi ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Mo mọ ohun tó ń ṣì wọ́n lọ́nà. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ wọn láti kọ ọ́:

6CO₂ + 6H₂O → C₆H₁₂O₆ + 6O₂

Ẹ ka átọ̀mù ọ́ksíjìn inú 6CO₂, méjìlá ni. Ẹ ka ti inú 6O₂, méjìlá náà ni. Ó wá dà bí ẹni pé àwọn méjìlá yẹn kàn bọ́ síta ni. Ṣùgbọ́n 6H₂O kò ní ju átọ̀mù ọ́ksíjìn mẹ́fà lọ, kò lè bí méjìlá. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ kó bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu, omi 12H₂O ló gbọ́dọ̀ wọlé, kí 6H₂O tuntun sì jáde lápá kejì. Ní 1941, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Samuel Ruben, Martin Kamen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lo ọ́ksíjìn-18, tó wúwo ju ọ́ksíjìn lásán lọ, láti fi tọ ipa rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ inú omi ni wọ́n fi í sí, ó hàn nínú ọ́ksíjìn tí àwọn ewédò tín-tìn-tín tí wọ́n lò tú jáde. Nígbà tó jẹ́ inú kábọ́nétì, tí ewédò náà ti ń rí kábọ́n-dàyọ́ksáídì, ni wọ́n fi í sí, ọ́ksíjìn tó jáde kò bá a mu. Ti omi ló ń bá mu.

Kí ló dé tí afẹ́fẹ́ kò fi yọ nínú omi sísè nígbà náà, nígbà tó jẹ́ pé omi yí ewé ká? Ìbéèrè yìí ni ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sára kùlórófíìlì, ohun tó ń mú ewé ní àwọ̀ ewé, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan á fi í sílẹ̀. Kùlórófíìlì náà á wá gba òmíràn lára omi láti fi dí àlàfo náà. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ omi yìí ní átọ̀mù maganíìsì mẹ́rin àti kálísíọ̀mù kan. Mólékù omi méjì ló ń fọ́ kí mólékù ọ́ksíjìn kan tó jáde. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á gba ọ̀nà wọn títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ NADP⁺, èyí tó ń gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ kábọ́n-dàyọ́ksáídì di ṣúgà. Alárù ni NADP⁺ yìí: bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ẹrù lórí rẹ̀, kò lè padà wá ru òmíràn. Bí kábọ́n-dàyọ́ksáídì kò bá sí, kò sẹ́ni tó máa gba ẹrù náà. Gbogbo alárù á dúró pẹ̀lú ẹrù lórí, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò ní rọ́nà lọ, fífọ́ omi á sì dáwọ́ dúró. Ìdí tí sódà fi ń mú afẹ́fẹ́ padà nìyẹn. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Robin Hill ti fi èyí hàn ní nǹkan bíi 1937: ó yọ kùlórópílásítì, àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí kùlórófíìlì wà nínú wọn, jáde lára ewé, ó fún wọn ní iyọ̀ irin tó lè gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí wọn, ọ́ksíjìn sì jáde láìlo kábọ́n-dàyọ́ksáídì.

Ẹ má sì pe ìpele tí wọ́n ti ń ṣe ṣúgà ní iṣẹ́ òru. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ bá lọ ló ń dáwọ́ dúró, nítorí ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń pèsè ló ń jẹ: ATP tó ń gbé agbára, àti NADPH, ìyẹn NADP⁺ tó ti ru ẹrù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kíkà. Ọ̀pọ̀ máa ń sún gílóòbù, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà lójú ẹsẹ̀. Ẹ fún ewé ní ìṣẹ́jú 5 kó bá ìmọ́lẹ̀ tuntun mu ná. Ká ní ẹ rí ẹyọ 6 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí gílóòbù jìnnà ní sẹ̀ǹtímítà 40, ẹ wá gbé e dé 20, ẹ rí 24. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bí ẹ bá dín ọ̀nà kù sí ìdajì, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sára ewé á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ gbé e dé 10, ẹ ń retí 96, ṣùgbọ́n 45 lẹ rí. Ibí ni wọ́n ti máa ń sáré lọ ra gílóòbù mìíràn. Ẹ má rà á! Ìmọ́lẹ̀ ti tó, nǹkan mìíràn ló ń dá ewé dúró báyìí, ó sì sábà máa ń jẹ́ kábọ́n-dàyọ́ksáídì. Ẹ fi sódà díẹ̀ kún un, ẹ dúró, ẹ tún kà. Bí iye náà bá gòkè, ẹ ti mọ ohun tó fà á. Bí kò bá gòkè, ẹ wo bóyá omi ti gbóná jù tàbí bóyá ewé náà ti gbó.

Àwọn ẹyọ wọ̀nyí kò tóbi bákan náà o. Tí ẹ bá fẹ́ iye tó ṣeé gbára lé, ẹ gba afẹ́fẹ́ náà sínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín tó kún fún omi, kí ẹ sì wọn bó ṣe gùn tó.

Tí ẹ bá sì fẹ́ fi igi tín-ín-rín tí iná rẹ̀ ti kú àmọ́ tí orí rẹ̀ ṣì ń pọ́n, èyí tí ọ́ksíjìn máa ń mú kó gbiná padà, dán afẹ́fẹ́ náà wò, ẹ da èyí tó kọ́kọ́ jáde nù, nítorí afẹ́fẹ́ lásán ló pọ̀ nínú rẹ̀. Kódà èyí tó kù ṣì ní náítírójìn tó ti inú omi wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, bí igi náà kò bá gbiná, ẹ má tíì kọ ọ́ pé ọ́ksíjìn kò sí. Ẹ fi ewéko púpọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí ó pẹ́ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì gba ọ̀pá kan kún kí ẹ tó tún dán an wò.