Ẹ Gbé Típẹ́ẹ̀sì Sílẹ̀: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Àkọsílẹ̀ Nọ́ọ̀sì

Ọjà kan wà tí àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ wọ́ọ̀dù máa ń fi owó ara wọn rà. Bí mo bá ti rí i nínú àpò aṣọ iṣẹ́ wọn, orí mi á gbóná kí n tó dáhùn "ẹ káàárọ̀ mà." Típẹ́ẹ̀sì ni, ìgò kékeré funfun tó ní búrọ́ọ̀ṣì nínú. Wọ́n á rà á mọ́ bíírò aláwọ̀ mẹ́rin, bí ọmọ tó fẹ́ lọ kọ ìdánwò. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Bíírò Dúdú lẹ́yìn mi. Wọ́n rò pé n kò gbọ́. Mo gbọ́. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ìdajì ìgbà ni èmi gan-an kì í mọ ibi tí mo fi bíírò ọ̀hún sí.

Mo gbà pé ẹ ti mọ ìpìlẹ̀: orúkọ aláìsàn àti nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ọjọ́, aago, orúkọ yín àti ìfọwọ́sí. N kò ní padà síbẹ̀.

Àṣìṣe kìíní: pípa ohun tí ẹ ti kọ rẹ́

Yálà ẹ fi Típẹ́ẹ̀sì kùn ún, tàbí ẹ fi bíírò ha á títí ó fi dúdú, tàbí ẹ kọ 7 lé 1 lórí, tàbí ẹ fa ojú ewé ya, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ lójú lọ́yà: ẹnì kan ní ohun tó ń fi pa mọ́. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014, ní abala 29, kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ẹni tó bá sọ àkọsílẹ̀ ìlera di èké, ìbáà fi kún un, ìbáà yọ kúrò nínú rẹ̀, ìbáà yí i padà, ó ti ṣẹ̀ sófin, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 2. Ẹni tó ṣi nǹkan kọ kọ́ ni òfin ń wá. Ẹni tó gbìyànjú pé kí a má rí i ni.

Ṣùgbọ́n ti òfin gan-an kọ́ ló ń bí mi nínú jù. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kan tí mo ti jẹ́ ọ̀gá.

Ní aago 6 àárọ̀, nọ́ọ̀sì tó ṣe iṣẹ́ alẹ́ ń wọn bíípíì káàkiri. Ó wọn ti baba tó wà ní bẹ́ẹ̀dì 7, ó rí 178/110. Ṣáàtì màmá bẹ́ẹ̀dì 4 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kọ ọ́ sí. Dókítà wọlé ní 6:20, ó rí 178/110, ó kọ amilodípíìnì 10 mílígírámù fún màmá. Nọ́ọ̀sì kejì tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ fún màmá ní oògùn náà ní 6:40, ó fọwọ́ sí i. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago 7 lù, ẹni àkọ́kọ́ rí i pé ṣáàtì ẹlẹ́ni ni òun kọ nǹkan sí. Ó yọ Típẹ́ẹ̀sì. Ó kun 178/110, ó tilẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè tètè gbẹ, ó wá kọ 112/70 tó jẹ́ ti màmá lé e lórí.

Ẹ wo ohun tó ṣe. Nọ́ńbà tí kò tọ̀nà yẹn ni dókítà gbé oògùn lé. Nígbà tó ti di funfun, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí fáìlì náà á rí màmá kan tí bíípíì rẹ̀ jẹ́ 112/70, á rí dókítà tó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un láìnídìí, á sì rí nọ́ọ̀sì tó fún un láìwo ṣáàtì. Àwọn méjì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló kù tí yóò máa rojọ́. Láti ìṣẹ́jú tí ẹlòmíràn bá ti ka ohun tí a kọ, tó sì ti tìtorí rẹ̀ ṣe nǹkan, ó ti di ara ìtọ́jú aláìsàn náà, ó tọ̀nà o, kò tọ̀nà o. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ ṣì ṣeé kà.

Kò tilẹ̀ bò ó. Mo gbé ìwé náà sókè síwájú iná, mo ka 178 láti ẹ̀yìn. Lọ́yà náà ní iná nílé.

Kí ló yẹ kó ṣe? Ṣáàtì kọ́ ló kọ́kọ́ kàn, màmá ni. Kó tún bíípíì rẹ̀ wọ̀n, kó bi í bóyá òòyì ń kọ́ ọ, kó sọ fún un pé kó má dá dìde, kó pe dókítà. Kó sì sáré dé bẹ́ẹ̀dì 7, nítorí pé baba tó ni 178/110 gan-an ṣì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe nǹkan kan sí i. Apá yìí ni gbogbo wọn máa ń gbàgbé, torí ojú ti gba ọ̀dọ̀ Típẹ́ẹ̀sì lọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan bíírò. Ìlà kan ṣoṣo, tó tẹ́ẹ́rẹ́, la 178/110 já, tí nọ́ńbà náà á ṣì hàn gbangba. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó kọ pé ó ṣèèṣì wọ ṣáàtì yìí ni, kó kọ ọjọ́ àti aago tó ń fa ìlà náà (kì í ṣe 6:00 tó ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀), kó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà kó kọ 112/70 sí àyè tirẹ̀. Kó má kọ orúkọ baba bẹ́ẹ̀dì 7 sínú fáìlì màmá, torí àṣírí aláìsàn kan kì í wọ fáìlì ẹlòmíràn. Nínú fáìlì ti baba, kó kọ 178/110, kó sì sọ pé 6:00 lòun wọ̀n ọ́, ìsinsìnyí lòun ń kọ ọ́.

Àlàyé ló kù nínú ìwé ìròyìn nọ́ọ̀sì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ ọ́ ní wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

"7:05 àárọ̀. Bíípíì 178/110 tí a kọ ní 6:00 kì í ṣe ti aláìsàn yìí. Tirẹ̀ ní 6:00 jẹ́ 112/70. A ti fún un ní amilodípíìnì 10 mílígírámù ní 6:40 gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe kọ ọ́. Bíípíì ní 7:00 jẹ́ 110/70, ìlù ọkàn 78. Ó ní, 'Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí.' A sọ fún dókítà ní 7:03. Ó ní kí a dá oògùn náà dúró, kí a máa wọn bíípíì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. A ti sọ fún aláìsàn pé kó pè wá kó tó dìde."

Ẹ fi orúkọ dókítà síbẹ̀. "A ti sọ fún dókítà" lásán, dókítà wo? Mélòó ni wọ́n ní ilé ìwòsàn yín?

Ẹ tún wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀. Kò sí pé nọ́ọ̀sì méjì péré ló wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Òótọ́ ni pé a kò tó, mo mọ̀ ju yín lọ, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tí a fi ń ròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ fún àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ni ẹ ti máa sọ ìyẹn. Fáìlì wà fún ìtọ́jú aláìsàn, fọ́ọ̀mù wà fún àtúnṣe ilé iṣẹ́. Ẹ kọ méjèèjì, ẹ má sì dárúkọ fọ́ọ̀mù náà nínú fáìlì.

Ohun tó mú kí n kọ gbogbo èyí gùn tó báyìí ni amilodípíìnì fúnra rẹ̀. Ó máa ń gba wákàtí 6 sí 12 lẹ́yìn tí èèyàn bá gbé e mì kó tó dé góńgó nínú ẹ̀jẹ̀. Oògùn aago 6:40 á dé góńgó láàárín ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹni tó fi Típẹ́ẹ̀sì kùn ún ti ń sùn nílé. Àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ì bá jẹ́ kí màmá dìde lọ wẹ̀, torí ohun tí wọ́n rí nínú ṣáàtì ni pé 112/70 ni, kò séwu.

Ìkejì: fífún ọ̀rọ̀ sáàárín ìlà

Ẹ gbàgbé láti kọ nǹkan kan ní 2:15, ẹ rántí ní aago 5, ẹ wá ń fi lẹ́tà wínníwínní há a sáàárín ìlà méjì. Gbogbo ayé ló ń rí i pé ẹ̀yìn ló dé. Ẹ kọ ọ́ sí àyè tó kàn, ẹ fi aago 5 síwájú, ẹ wá kọ pé àkọsílẹ̀ tó pẹ́ ni, ti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2:15. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ má sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ní "mò ń bọ̀ wá kọ tèmi". Ẹ fa ìlà kọjá nínú àyè tó bá ṣófo. Bí ẹbí aláìsàn bá sì ti mú ẹ̀sùn wá, ẹ má ṣe fi ohunkóhun kún fáìlì náà kí ẹ tó rí ọ̀gá yín.

Kíkọ nǹkan ṣáájú kí ẹ tó ṣe é: mo ti rí ṣáàtì tí wọ́n ti fọwọ́ sí oògùn aago 10 alẹ́ fún aláìsàn tó kú ní 9:30.

"Ó sùn dáadáa." Ta ló ń sùn dáadáa ní wọ́ọ̀dù?

Ti ínsúlíìnì wà níbẹ̀. Ẹ má kọ 10U. Bí U náà bá pa dé díẹ̀ lókè, 100 lẹni tó ń bọ̀ á kà, ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí dókítà fẹ́ sì ni. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà tán. Bákan náà ni 1.0, tí àmì kékeré tó wà láàárín rẹ̀ lè pòórá kó di 10, àti .5 tó lè di 5. Ẹ kọ 1, ẹ kọ 0.5.

Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí aláìsàn ṣubú, ẹ má kọ pé ó ṣubú. "A bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní 3:10 òru. Ó ní, 'Mo fẹ́ lọ tọ̀ ni.'" Ohun tí ẹ rí àti ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ, ó tán. Ẹ má sì pe ẹnikẹ́ni ní alágídí nínú fáìlì. Bó bá kọ abẹ́rẹ́, ẹ kọ pé ó kọ ọ́, ìdí tó sọ, àlàyé tí ẹ ṣe fún un, àti ẹni tí ẹ sọ fún.

Ẹ̀yin tí ilé ìwòsàn yín ti ń lo kọ̀ǹpútà, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ tó dára kì í gbàgbé: ohun tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, pẹ̀lú aago tí ẹ yí i padà. Bí ẹ bá yá ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ aṣínà yín, orúkọ yín ló máa wà lára ohun tó bá kọ. Ẹ̀dà ìròyìn àná tí ẹ ń kó wá sí tòní ló tún burú jù. Mo ka ọ̀kan tó ní kátétà aláìsàn "ṣì wà níbẹ̀, ìtọ̀ ń ṣàn dáadáa." Wọ́n ti yọ ọ́ láti ọjọ́ kejì, aláìsàn náà sì ń dá rìn lọ sí ilé ìtọ̀ níwájú ẹni tó kọ ọ́.